Mílíọ̀nù 9.5 tó lé lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì oṣù karùn-ún, àti ìbéèrè tí dáyẹ́kítọ̀ kan bi mí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí à ń ṣe. Ilé iṣẹ́ tí mò ń ṣe akáńtì fún ń ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, òun nìkan náà là ń ṣe, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìṣirò tí mo fẹ́ sọ yìí rọrùn láti tẹ̀ lé. Ike oníkóró la máa ń rà, ẹ̀rọ á yọ́ ọ, á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú móòdù, ó di kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀rọ méjì ló ń ṣe é. Ní oṣooṣù, tá a bá ti pa ìwé akáńtì dé ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹta, èmi ni mo máa gbé ohun tá a ná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ní ká ná, kí n wá kọ ìdí tí àwọn méjèèjì ò fi bára mu, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá àgbà ní ọjọ́ iṣẹ́ karùn-ún, kí òun tó gbé e lọ síwájú àwọn dáyẹ́kítọ̀.

Kì í ṣe gbogbo laìnì là ń ṣàlàyé o. Ìlànà wa ni pé ìyàtọ̀ tó bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, tó sì tún ju 500,000 lọ, òun la máa kọ ọ̀rọ̀ lé lórí. Ó gbọ́dọ̀ pé méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìdá nínú 100 nìkan là ń wò, owó pépà àti bíírò á gba gbogbo ojú ìwé, torí 20,000 tó di 30,000 ti fi ìdá 50 lé nìyẹn, ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Tó bá sì jẹ́ iye owó nìkan, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ á máa yọjú lóṣooṣù nítorí pé ó tóbi, kì í ṣe nítorí pé nǹkan ṣe é.

Lóṣù karùn-ún, laìnì méjì péré ló kọjá àlà yìí. Owó àtúnṣe ẹ̀rọ ni ìkan, màá padà dé orí ẹ̀. Èkejì ni owó ike. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ní ká ná 36,000,000, a ná 45,500,000. 9,500,000 ló fi lé, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé, ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́: "Owó ike ju bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ nítorí pé ọjà gbówó lórí, a sì tún ṣe kẹ́ẹ̀gì ju bá a ṣe rò lọ." Mo fi ránṣẹ́. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọ̀gá àgbà pè mí. Wọ́n ní, "O sọ nǹkan méjì, èwo ló jẹ́ mélòó nínú ẹ̀? Ṣé o mọ̀ pé tí mo bá gbé èyí wọlé báyìí, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ká lọ gé owó ike kù, ká má rà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Wọ́n sì tọ̀nà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá gé ike ẹ̀ kù, kí ló fẹ́ máa tà?

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, mo ń ṣàlàyé 9.5 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ 9.5 yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe iye tó yẹ kí n máa ṣàlàyé. 36 mílíọ̀nù inú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì 20,000 ni wọ́n ṣe é fún. Kẹ́ẹ̀gì kan á jẹ ike kílò 1.2, kílò kan jẹ́ 1,500. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, kílò 24,000 lọ́nà 1,500, ó jẹ́ 36 mílíọ̀nù gééré. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì 23,000 la ṣe lóṣù yẹn, torí kọ́sítọ́mà kan fún wa ní ọ́dà ńlá. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fi owó kẹ́ẹ̀gì 20,000 ṣe 23,000. Torí náà kí n tó bá ẹnikẹ́ni jà, mo ní láti kọ́kọ́ tún bọ́jẹ́ẹ̀tì náà ṣe kó bá iye tá a ṣe mu, ìyẹn ni pé ká bi ara wa pé ká ní láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé 23,000 la máa ṣe, èló la bá kọ sílẹ̀? 23,000 lọ́nà 1.2 lọ́nà 1,500, 41,400,000 nìyẹn.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nínú 9.5 mílíọ̀nù, 5.4 mílíọ̀nù kì í ṣe ìnákúnàá rárá, iṣẹ́ tó pọ̀ sí i ló gbé e wá. Ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni dáhùn fún ni 4,100,000 tó wà láàárín 41.4 àti 45.5. Mo mọ àwọn akáńtì tí wọn kì í ṣe apá yìí, wọ́n á kàn fi bọ́jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ná, tí iṣẹ́ bá pọ̀ lóṣù yẹn gbogbo èèyàn á dà bí olè, tí iṣẹ́ bá sì dín kù, ìnákúnàá gidi á fara pa mọ́, wọ́n á tún máa yin ara wọn pé àwọn ṣọ́wó ná. Tèkejì yìí ló burú jù, torí kò sẹ́ni tó máa béèrè.

4.1 mílíọ̀nù yẹn náà, ọ̀nà méjì péré ló lè gbà wáyé: yálà a lo ike ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí a rà á lówó tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé sítọ̀ fi hàn pé kílò 28,750 la lò. Tá a bá pín in sára kẹ́ẹ̀gì 23,000, ó jẹ́ 1.25 fún ìkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 1.2. Mo wá tò ó sínú Excel báyìí, kọ́lọ́ọ̀mù B ni bọ́jẹ́ẹ̀tì, C ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Iye kẹ́ẹ̀gì wà ní ìlà 2, kílò fún kẹ́ẹ̀gì kan ní ìlà 3, owó kílò kan ní ìlà 4, àpapọ̀ owó tá a ná ní ìlà 5:

```
=(C2-B2)*B3*B4
=(C3-B3)*C2*B4
=C5-C2*C3*B4
```

Ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tó pọ̀ sí i, 5,400,000. Ti ìkejì ni ike tá a lò jù, 1,725,000. Ti ìkẹta ni owó ọjà tó ga, 2,375,000. Ẹ ro ó pọ̀, ó máa fún yín ní 9,500,000 láìku ẹyọ kan. Tí kò bá pé, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ o, nǹkan wà nínú ìṣirò yín tí ò dáa. Ohun míì tí mo yẹ̀ wò ni pé ike tó wà ní sítọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ní ìparí oṣù jọra, torí tí wọn ò bá jọra, ohun tá a rà àti ohun tá a lò ò ní jẹ́ ìkan náà, gbogbo àlàyé á dàrú.

Ibí yìí ni mo ti kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kàn ń sọ ibi tí mo máa lọ ni, wọn ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá tó ń rajà fún wa. Wọ́n ní ọjà ti gbówó lórí, ṣé mi ò gbé láyé ni. Mi ò bá wọn jiyàn, mo kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ínfọ́ìsì gbogbo ike tá a rà lóṣù náà. Wọ́n kó o fún mi. Kílò 24,000 wá látọ̀dọ̀ ẹni tó máa ń kó o fún wa, 1,500, bí bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣe wí náà ni, kò fi kọ́bọ̀ kan lé. Kílò 4,750 tó kù, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni wọ́n ti rà á, 2,000 fún kílò kan. Torí náà ọjà ò gbówó lórí. Àwa la lọ rà á níbi tó ti wọ́n. 500 lórí kílò 4,750, ẹ̀ ń wo 2,375,000 yẹn níbẹ̀ gan-an.

Kí ló dé tá a fi lọ síbẹ̀? Ẹni tó ń kó ike fún wa máa ń fẹ́ kéèyàn sọ fún òun ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Ọ̀gá àwọn tó ń tajà ti gba ọ́dà ńlá yẹn láti ìparí oṣù kẹrin, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀ tòun ti déètì, àmọ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni wọ́n tó sọ fún ẹni tó ń rajà. Kọ́sítọ́mà sì fẹ́ gba ọjà ẹ̀ kí oṣù tó parí. Ìgbà tí wọ́n máa fi ka ọjọ́ 14 sí i, iṣẹ́ ò lè tán mọ́. Ni wọ́n bá sáré lọ bá alágbàtà.

Tẹ́ ẹ bá kíyè sí i, ọ̀rọ̀ "ọjà gbówó lórí" tí mo ti kọ sínú rìpọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ yẹn, irọ́ ni, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń kọ. Ká ní ó dé iwájú àwọn dáyẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní ká gbé owó kẹ́ẹ̀gì sókè.

Ó wá ku ike tá a lò jù, kílò 1,150. Mo lọ sí ibi tí àwọn ẹ̀rọ wà, mo mú sikéèlì dání, mo wọn kẹ́ẹ̀gì 20 lára ẹ̀rọ kìíní, mo wọn 20 lára ẹ̀rọ kejì. Ti kìíní ń fún mi ní 1.20, 1.20, 1.21, kò sí wàhálà. Ti kejì, 1.26 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Gíráàmù 60 lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ìdajì iṣẹ́ oṣù náà, ìyẹn 11,500, ó jẹ́ kílò 690.

Bàbá tó ń bójú tó ẹ̀rọ kejì yẹn ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ. Mo kí wọn dáadáa kí n tó béèrè, torí tó bá dà bíi pé akáńtì wá mú èèyàn, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ fún ẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo fi kún un. Lóṣù kẹrin wọ́n dá kẹ́ẹ̀gì padà, wọ́n ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jò. Ike tó bọ́ síbẹ̀ ló ti fẹ́lẹ́ jù, ni mo bá jẹ́ kí gbogbo ara ẹ̀ nípọn sí i, látìgbà yẹn ṣé o tún gbọ́ pé ó jò?" Mi ò gbọ́ lóòótọ́. Mo tún béèrè bóyá kò ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló máa nípọn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, ẹ̀rọ náà ní ibi tí wọ́n ti ń tò ó, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹnì kankan ò sì gba ẹlòmíì. Èyí tún jẹ́ kí n ronú, torí mo ti múra láti kọ "ìfiṣòfò" sílẹ̀. Kì í ṣe ìfiṣòfò. Ìṣòro kan ni bàbá yìí fi owó ike yanjú, wọn ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́fíìsì ni.

Ó ku kílò 460 tí mi ò tíì rí. Kẹ́ẹ̀gì tí kò bá dáa, tó bẹ́ tàbí tó wọ́, ẹ̀rọ kan wà tá a fi ń lọ̀ ọ́, tá a máa pò mọ́ ike tuntun, 1.2 inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ti ka ìyẹn mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi ẹ̀rọ alọ̀kẹ́ẹ̀gì yẹn, ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ó ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù yẹn. Ibo làwọn kẹ́ẹ̀gì tó bàjẹ́ wà nígbà náà? Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, òkìtì kẹ́ẹ̀gì lóríṣiríṣi, wọ́n fi tapólì bò ó. A kó o sórí sikéèlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀sán, kílò 448. Kílò 12 tó kù mi ò rí i, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé mi ò rí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn láti yí i kó bàa lè pé, ẹ má ṣe é, dáyẹ́kítọ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rí mọ̀ pé sikéèlì àti ìwé sítọ̀ kì í dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

Torí náà 448 yẹn ò sọnù, ó wà lẹ́yìn ilé, a máa lò ó nígbà tí ẹ̀rọ bá dìde. Ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù karùn-ún o. Ike tí wọ́n ti yọ́ rí ò níye lórí tó tuntun, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ lèèyàn lè dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Mo kàn kọ ọ́ sínú rìpọ́ọ̀tù pé ó wà níbẹ̀, pé ó máa jẹ́ kí ike tá a máa lò láwọn oṣù tó ń bọ̀ dín kù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti owó àtúnṣe. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2,500,000, a ná 5,100,000, ó fi 2,600,000 lé. Mo ṣí ìwé rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni bíìlì 1,800,000 fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sára ẹ̀rọ kìíní, iṣẹ́ yẹn parí lóṣù kẹrin, bíìlì ẹ̀ ló dé lóṣù karùn-ún. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣù kẹrin bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíìlì ò tíì dé, torí oṣù tí wọ́n ṣiṣẹ́ ló ni gbèsè. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èyí tó wá dùn mí níbẹ̀ ni pé mo padà wo rìpọ́ọ̀tù oṣù kẹrin, mo rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ: pé a ná 1,100,000 péré lórí àtúnṣe, a sì fi 1,400,000 pa mọ́ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Pa mọ́ wo? Tá a bá fi 1,800,000 yẹn síbi tó yẹ, oṣù kẹrin jẹ́ 2,900,000, àwa la tún fi 400,000 lé. Oṣù karùn-ún wá jẹ́ 3,300,000, ó fi 800,000 lé, ẹ̀rọ alọ̀kẹ́ẹ̀gì tó bàjẹ́ yẹn ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tí laìnì kan bá dín ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó lé lọ. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá bíìlì kan wà níbì kan tí kò tíì dé ni.

Mo tún rìpọ́ọ̀tù kọ, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ti ike gba ìlà mẹ́ta lókè, ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye owó, ohun tó fà á, ẹni tó wà nídìí ẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é. Mi ò kọ orúkọ bàbá ẹ̀rọ kejì, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ni mo kọ, torí ọwọ́ wọn ni ìpinnu yẹn yẹ kó ti wá. Mo tún ṣe nǹkan kan tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì: mo lọ bá gbogbo ẹni tí orúkọ ẹ̀ka wọn wà níbẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ohun tí mo kọ hàn wọ́n. Ọ̀gá àwọn tó ń tajà ò láyọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀gá àgbà ní kí èmi fúnra mi sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe mi lórí owó àtúnṣe oṣù kẹrin, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fúnra wọn rí i, wọn ò ní gba nǹkan míì tí mo bá sọ gbọ́. Alága kàn ní, "Ó dáa, kí ló máa jẹ́ kó má ṣẹlẹ̀ mọ́?" Mo ní láti oṣù yìí lọ, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ á máa fi àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó ti parí ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, bíìlì dé tàbí kò dé. Wọ́n mi orí, a kúrò níbẹ̀.

Mo bọ́ sórí ike. Mo ṣàlàyé 5.4 mílíọ̀nù, alága bi mí bóyá ọ́dà ńlá yẹn tiẹ̀ lérè. Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì ti múra ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 3,000 yẹn, gbogbo ẹ̀ la tà, 3,600 fún ìkan, 10,800,000 wọlé. Tí ò bá jẹ́ pé a tà á, tó wà ní sítọ̀, àlàyé tèmi ì bá yàtọ̀ pátápátá, torí ohun tá a ná á ṣì wà lọ́wọ́ wa bí ọjà. A yọ owó ike 5.4 kúrò, ó ku 5.4, ká tó yọ iná àti ófátáìmù. Mo wá ní owó ọ̀dọ̀ alágbàtà, 2,375,000, ti jẹ nínú ìyẹn nítorí pé àwọn tó ń tajà ò tètè sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni màmá kan nínú àwọn dáyẹ́kítọ̀, tí wọ́n ti bójú tó ilé iṣẹ́ aṣẹ̀dá nǹkan rí, gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ẹ dákun, kílò 4,750 tẹ́ ẹ sáré lọ rà yẹn, ká ní ẹ̀rọ kejì ò jẹ ike jù, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ bá rà?"

Mo dákẹ́. Mo fi bíírò ṣe é níbẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Kẹ́ẹ̀gì 3,000 tó lé lọ́nà 1.2, kílò 3,600. Ìyẹn nìkan ni ọ́dà ńlá nílò. 1,150 tó kù, ẹ̀rọ kejì àti òkìtì ẹ̀yìn ilé ló jẹ ẹ́, àti pé ọ̀dọ̀ alágbàtà náà la ti rà á, torí ike olówó pọ́ọ́kú ti tán. Torí náà, 575,000 nínú 2,375,000 tí mo gbé lé àwọn tó ń tajà lórí, kì í ṣe tiwọn. Mo ní, "Rárá mà, 3,600 là bá rà." Ọ̀gá àwọn tó ń tajà mí kanlẹ̀, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé fọ́múlà mi burú o. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé náà nìyẹn, ike tó lé ni wọ́n máa ń dá owó lé ní iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo owó tó ga á bọ́ sí apá owó ọjà, kódà èyí tó wà lórí kílò tí kò yẹ ká lò. Níbi tó bá ti jẹ́ pé owó kan náà la fi ra gbogbo ọjà, kì í sábà ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kílò tó gbẹ̀yìn ló wọ́n jù, bíi tiwa, ẹni tó jẹ ẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wá. Bí mo ṣe tún un pín níbẹ̀ rèé: iṣẹ́ tó pọ̀ sí i, 5,400,000. Ọ́dà tí wọn ò tètè sọ, 3,600 lọ́nà 500, 1,800,000. Ike tá a lò jù, 1,150 lọ́nà 2,000, 2,300,000. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 9,500,000. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé nínú ìwé tí mo gbé wá, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà ló tóbi jù nínú 4.1 mílíọ̀nù, nínú èyí tí mo ṣe lórí ìjókòó, ẹ̀rọ ló tóbi jù. Ó yí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe padà.

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Kí ìpàdé tó tán ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ká wá ẹnjiníà tó máa wá tún ẹ̀rọ kejì tò kí ìsàlẹ̀ nìkan nípọn. Ti àwọn tó ń tajà, wọ́n ní ọ́dà tó bá ti ju kẹ́ẹ̀gì 1,000 lọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni èyí tí mo rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí: oṣù kẹfà ńkọ́? Kọ́sítọ́mà yẹn ṣì fẹ́ kẹ́ẹ̀gì 3,000 lóṣù kẹfà àti ìkeje. Mo sọ fún wọn pé a ti béèrè ike lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o fún wa, ṣùgbọ́n kò ní dé kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó tán, torí náà a ṣì máa ra nǹkan bíi kílò 900 lọ́dọ̀ alágbàtà, ìyẹn 450,000 lórí ohun tó yẹ. Ẹ̀rọ kejì náà, tó bá lo gbogbo oṣù bẹ́ẹ̀, á tún jẹ kílò 690, àmọ́ tí ẹnjiníà bá dé láàárín oṣù, ó máa tó ìdajì ẹ̀. Mo kọ àwọn iye yìí sílẹ̀ níwájú wọn.

Ike dé pẹ́ ju bá a ṣe rò lọ ní ọjọ́ méjì, kílò 1,200 la rà lọ́dọ̀ alágbàtà, 600,000 dípò 450,000. Ẹnjiníà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo tún mú sikéèlì mi lọ, ẹ̀rọ kejì ń fún mi ní 1.21, bàbá ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní ṣé ó ti tẹ́ mi lọ́rùn báyìí. Mo ní ó ku òkìtì ẹ̀yìn ilé.